Kí Ni Oníbàárà Fẹ́ Gan-an? Bí A Ṣe Ń Pààlà Iṣẹ́ Kí A Tó Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Ìbéèrè

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù ni mo ń kọ. Ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígàárì kan ní Kétu pè mí, wọ́n ní: "A fẹ́ nǹkan kékeré kan tí a ó máa fi kọ owó àjọ wa, kí gbogbo èèyàn lè rí i lórí fóònù wọn, kí ó sì rọrùn." Wọ́n tó ogójì. Mo ti fẹnu sọ pé 250 000 sẹ́fà ni, ṣùgbọ́n a ò tíì kọ nǹkan kan. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn, ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń fi nǹkan kún un títí tí mo fi ṣe é ní ìlọ́po mẹ́ta láìgba sẹ́fà kan lé e. Kí ni kí n bi àwọn obìnrin yìí, báwo ni kí n sì ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọn ò fi ní rò pé mi ò fọkàn tán wọn?

Ìdáhùn

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo tí ìyá ẹgbẹ́ sọ fún yín yẹn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló fara pamọ́ síbẹ̀, iye owó wọn kò sì sún mọ́ ara wọn. Mi ò rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ yé wọn yékéyéké, nítorí pé ìwé àjọ náà wà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì rí i. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tí ń fi nǹkan kún iṣẹ́ lójoojúmọ́, ohun tó ti wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n, ni wọ́n ń rántí díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú gbólóhùn náà wò. "Kọ owó àjọ wa": irú àjọ wo? Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń dá owó jọ, tí ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé títí tí yóò fi kárí. Ẹgbẹ́ mìíràn ń tọ́jú owó náà di òpin ọdún kí wọ́n tó pín in. Ẹgbẹ́ kẹta ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti inú àpò yẹn, wọ́n sì ń gba èlé. Èyí àkọ́kọ́ kò ju orúkọ, ètò bí wọn yóò ṣe máa kó owó, àti àmì ẹni tó ti san lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn nílò ìṣirò èlé, ọjọ́ ìdápadà, onígbọ̀wọ́, àti ohun tí a ó ṣe sí gbèsè tí kò padà wálé. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni ẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ dá iye owó, tí ó sì jẹ́ ti ìkẹyìn ni wọ́n ń ṣe, àdánù ti wọ iṣẹ́ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

"Kí gbogbo èèyàn lè rí i": kí ni kí wọ́n rí? Ṣé owó tirẹ̀ nìkan ni kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí, àbí ti gbogbo ẹgbẹ́? Ẹgbẹ́ kan á ní kí a má tú àṣírí ẹni tí kò rí owó san. Òmíràn á ní àṣírí yẹn gan-an ni kí a tú kí ẹni náà lè tètè san. Bí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù yóò rí tirẹ̀ nìkan, ó di dandan kí ẹni kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà àṣírí tí yóò fi wọlé. Nígbà náà, ta ni yóò máa tún nọ́mbà náà ṣe fún ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀? Bí ẹ kò bá bi wọ́n, ẹ̀yin ni wọn yóò máa pè, ní alẹ́ àti ní ọjọ́ ìsinmi, fún ọdún méjì.

"Lórí fóònù wọn": ó ṣe é ṣe kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn máa lo fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, tí kò lè ṣí ojú ìwé kankan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni "rírí lórí fóònù" túmọ̀ sí, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ń ná owó ní gbogbo ìgbà tí a bá fi ránṣẹ́. Ní ti "kékeré" àti "rọrùn", àwọn méjèèjì kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. "Kékeré" ń sọ irú owó tí wọ́n fẹ́ san; "rọrùn" ń sọ ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn wọn. Ẹ fi àmì sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀, àti "bíi ti lágbájá", àti "pẹ̀lú àwọn nǹkan tó kù", nítorí pé ibẹ̀ ni ìbéèrè yín wà.

Ní báyìí, ọ̀nà tí a ń gbà bi wọ́n. Ìbéèrè tí kò wúlò jù ni "Kí ni ẹ fẹ́ kí ètò náà lè ṣe?" Ẹni tí kò tíì lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí kò lè dáhùn rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ọjọ́ àjọ tó kọjá ṣe lọ fún mi, láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ dé títí di ìgbà tí ẹ tilẹ̀kùn." Lẹ́yìn náà mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé náà. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Kétu, ẹ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba owó, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi á gba owó díẹ̀ fún ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bóyá 20 000 sẹ́fà, tí n ó yọ kúrò nínú owó iṣẹ́ bí a bá jọ ṣe é, tí kò sì ní padà bí a kò bá ṣe é. Ẹni tó san owó kékeré fún ìbéèrè máa ń fara balẹ̀ dáhùn ju ẹni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń wo ìwé àjọ, ẹ má jẹ́ kí ojú yín dúró sórí ìlà tó tọ́. Etí ìwé ni kí ẹ wò, àti ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́, àti ibi tí wọ́n ti fi bírò mìíràn kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ kan ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, etí ìwé wọn ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe. Obìnrin kan san ìdajì. Òmíràn san fún ara rẹ̀ àti fún àbúrò rẹ̀ tó rìnrìn àjò. Ẹnì kan bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní ìpò ẹlòmíràn nítorí owó iléèwé ọmọ, wọ́n sì gbà fún un. Ẹnì kan ti kó tirẹ̀ tán, kò wá mọ́. Ìlà kan wà fún owó ìtanràn ẹni tó pẹ́. Bí mo bá bi wọ́n lẹ́nu, kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí wọn yóò rántí sọ, torí pé lójú wọn kì í ṣe nǹkan tí ó yẹ kí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú "ẹ kúkú bá wa fi èyí náà sí i."

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fún láyè púpọ̀, ìyẹn ti ọjọ́ àti ti iye ọwọ́. Bí ẹ bá béèrè ìgbà tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n sì dáhùn pé "ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀", ẹ má tíì lọ kọ ọjọ́ méje sínú ètò yín. Àwọn ọjà wa kan, bíi ti Àjàrá lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná, ó sì ṣe é ṣe kí àwọn obìnrin ọlọ́jà fi àjọ wọn sí ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá àti mẹ́ta tó ń bọ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń dá ju ọwọ́ kan lọ. Ẹ wo bí ìdáhùn méjèèjì ṣe ń yí iṣẹ́ padà. Ẹni tí kò béèrè yóò rò pé ogójì ènìyàn ni, pé ìpò ogójì ló wà, pé ọjọ́ méje ló wà láàárín ìpò kan sí èkejì; àjọ náà yóò kárí ní ọjọ́ 280. Bí mẹ́fà nínú wọn bá ń dá ọwọ́ méjì, ìpò 46 ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ 184 ni yóò gbà. Bí ọwọ́ kan bá jẹ́ 1 000 sẹ́fà, 46 000 ni ẹni tó kó o yóò gbà, kì í ṣe 40 000. Ètò tí a kọ lórí èrò àkọ́kọ́ kò ní ibi tí a lè fi ọwọ́ kejì ẹnì kan sí. Ẹ óò ní láti tú ìpìlẹ̀ ibi ìpamọ́ rẹ̀ ká, oníbàárà kò sì ní lóye ìdí tí "àtúnṣe kékeré" fi gba yín ní ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìṣirò kan náà ló ń fi iye owó àtẹ̀jíṣẹ́ hàn. Bí ẹ bá ń fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn ní ọjọ́ méje-méje, 2 080 ni lọ́dún. Ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ó di nǹkan bí 3 640. Ká ní ẹyọ kan jẹ́ 15 sẹ́fà, ìyẹn jẹ́ 54 600 sẹ́fà lọ́dún, lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí ẹ ti parí iṣẹ́ yín. Ẹ béèrè iye gidi lọ́wọ́ ẹni tí yóò tà á fún yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó pinnu. Àwọn kan yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé kí ìwé kan tí akọ̀wé yóò tẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù rọ́pò rẹ̀. Ìpinnu yẹn dín iṣẹ́ yín kù gan-an, ẹ kò sì ní mọ̀ bí ẹ kò bá fi iye owó náà sí iwájú wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ tí ẹ sì ti rí, ẹ wá kọ ọ́. Ojú ìwé méjì tó. Èyí tí ó bá ju mẹ́ta lọ, wọn kò ní kà á. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé kò ju ẹyọ kan lọ: gbólóhùn tí ẹnì kan kò lè dúró ti ètò náà kí ó sọ pé "ó ṣe é" tàbí "kò ṣe é" kò tíì yẹ kí ó wọ ìwé. "Ètò náà yóò rọrùn" kò ṣe é dán wò. Ṣùgbọ́n "akọ̀wé tí a ti kọ́ fún wákàtí kan lè tẹ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ogójì wọlé láàárín ìṣẹ́jú 30 láìbi ẹnikẹ́ni" ṣe é dán wò. Bákan náà, "gbogbo èèyàn lè rí i" yóò di "ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá san owó yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní ọjọ́ náà, tí ó ń sọ iye tí ó san àti iye tí ó kù ú kù, owó àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa ti inú àpò ẹgbẹ́ wá." Èyí tí ó kàn, ẹ má fojú fò ó: "Akọ̀wé nìkan ni yóò máa tẹ owó wọlé, lórí fóònù kan ṣoṣo, ètò náà yóò sì ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì." Bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì lórí fóònù méjì láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́dọ̀ wá bí àkọsílẹ̀ méjèèjì yóò ṣe bára mu nígbà tí wọ́n bá pàdé, iṣẹ́ yẹn nìkan sì lè tó ìdajì gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Lẹ́yìn ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ kọ ohun tí ẹ kò ní ṣe, kí ó ní àkọlé tirẹ̀. Apá yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú ìwé náà, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fò, nítorí pé ó ń ṣe wọ́n bíi pé àwọn ń lé oníbàárà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ síbẹ̀ ń mú kí oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "Yíyá ọmọ ẹgbẹ́ lówó kò sí nínú iṣẹ́ yìí", tí akápò sì fò sókè pé "Háà, ṣebí òun gan-an la nílò!", ẹ ti mọ ohun tí ẹ bá máa gbọ́ lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ẹ̀yin ni ẹ ó da àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti inú ìwé sínú ètò náà tàbí akọ̀wé. Èyí kì í wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé ọdún mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Ẹ kọ irú èdè tí yóò wà lójú ètò náà, èdè Faransé àbí Yorùbá, kí ẹ sì sọ pé èdè kejì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Gbígba owó lórí fóònù gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ ohun tí kò sí, àyàfi bí wọ́n bá dìídì béèrè fún un. Lójú oníbàárà, kò ju bọ́tìnnì kan lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ń fi MoMo ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ètò yín tó lè gba owó fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ náà nílò àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà ìsanwó bíi FedaPay tàbí KKiaPay, wọ́n sì lè bi ẹgbẹ́ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́mbà IFU tí ìjọba fi ń mọ ẹni tó ń san owó orí. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé kankan lè dúró lórí ìgbésẹ̀ yẹn fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ yín yóò sì dúró dè wọ́n láìgba owó. Alágbàtà náà á yọ owó díẹ̀ lórí sísan kọ̀ọ̀kan: ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò san án, àbí àpò ẹgbẹ́? Bí owó bá kúrò lórí fóònù obìnrin kan tí ètò kò sì rí i, ta ni yóò dá a lóhùn? Ẹ fi ìbéèrè wọ̀nyí síwájú wọn, lọ́pọ̀ ìgbà wọn á sọ fúnra wọn pé kí a fi í sílẹ̀ ná.

Ohun kan tún wà tí oníbàárà kò ní sọ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ, nọ́mbà fóònù àti owó ènìyàn ni ẹ fẹ́ tọ́jú. Òfin orílẹ̀-èdè Benin lórí ọ̀rọ̀ ayélujára, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ní apá kan lórí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ tí ń mójú tó o sì ni APDP. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ ló ni àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò lọ ṣe ètò tó bá yẹ lọ́dọ̀ àjọ yẹn.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ta ni ẹnu rẹ̀ ká iṣẹ́ yìí. Nínú ẹgbẹ́, ìyá ẹgbẹ́ lè sọ ọ̀kan, kí akápò sọ òmíràn, kí ọmọ ìyá ẹgbẹ́ tó wà ní yunifásítì pè yín ní alẹ́ láti sọ ìkẹta. Gbogbo wọn lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ìwé tí ó lè sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣe é", kí gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má yan án fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pinnu láàárín ara wọn, kí ẹ má bàa di ẹni tó wọ àárín àgbà.

Ìwé náà nìkan kò tó, nítorí pé èdè Faransé ni a sábà máa ń fi kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé akọ̀wé nìkan ló lè kà á. Ẹ kà á sókè fún wọn ní Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹ wá bẹ ìyá ẹgbẹ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ padà fún yín bí ó ṣe yé wọn. Ibi tí àlàyé wọn bá ti yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ ni àfikún iṣẹ́ ìbá ti gbà wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ fi ohùn yín ka ìwé náà ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, kí ó lè wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò lè kàwé, kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ká iṣẹ́ sì fi ohùn tirẹ̀ dáhùn pé òun gbà. Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín pé wọ́n á rò pé ẹ kò fọkàn tán wọn, ẹ rántí irú ènìyàn tí ẹ ń bá ṣe. Obìnrin tí ń kọ ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà kò ní bínú pé ẹ kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Iye owó tí ẹ ti fẹnu sọ ńkọ́? Èmi kò ní gbé e sókè. Mo máa sọ fún wọn pé: "Ìyá wa, ìgbà tí mo sọ 250 000, mi ò tíì rí ìwé yín. Ní báyìí tí mo ti rí i, èyí ni ohun tí 250 000 lè ṣe." Ẹ jẹ́ kí iye náà dúró, kí ẹ gé iṣẹ́ náà kí ó bá a mu: orúkọ àti ọwọ́, ètò ìkówó, ẹni tó san àti ẹni tó kù, ìtanràn, àti ìwé oṣooṣù tí a lè tẹ̀ jáde. Ohun tó kù, ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá 60 000 fún àtẹ̀jíṣẹ́ àti 150 000 fún yíyá owó, kí wọ́n rí i pé ẹ kò kọ̀ ọ́, pé ó ń dúró de àṣẹ wọn ni. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta: 100 000 ní ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé náà wọlé, 100 000 ní ọjọ́ tí akọ̀wé bá kọ́kọ́ lò ó, 50 000 ní ìparí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn pọ̀ jù, nítorí pé owó ńlá tó wà lọ́wọ́ oníbàárà ní ìparí ni ó ń fún un ní agbára láti sọ pé "ẹ ṣe ìyẹn náà kí n tó san án."

Wọn yóò ṣì fi nǹkan kún un. Kò sí bí ẹ ṣe lè bi wọ́n tó tí ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀, mi ò sì rò pé ó burú, níwọ̀n ìgbà tí ó bá gba ojú ọ̀nà wọlé. Ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé gbogbo ohun tuntun yóò ní iye owó àti ọjọ́ tirẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Bí akápò bá wá pè yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta lórí ọ̀rọ̀ yíyá owó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn lórí fóònù, kí ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ká iṣẹ́:

"Ẹ káàárọ̀, ìyá wa. Akápò ní kí a fi yíyá owó sínú ètò náà. Kò sí nínú ìwé tí a jọ kà. Yóò gba ọjọ́ mẹ́jọ, owó rẹ̀ jẹ́ 150 000 sẹ́fà, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí á sì sún síwájú ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ lè ní kí a fi kún un báyìí, ẹ lè ní kí a yọ nǹkan mìíràn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ kí a fi í rọ́pò rẹ̀, ẹ sì lè ní kí ó dúró títí ẹ ó fi lo èyí tí a ń ṣe fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí a jọ sọ ni n ó máa bá lọ títí ẹ ó fi dáhùn."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ dúró láti dúró de ìdáhùn, ìdádúró náà á di ti yín. Bí ó bá jẹ́ nǹkan tí kò ju ìdajì wákàtí lọ, bíi yíyí orúkọ kan padà lójú ètò, ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ta òun lọ́rẹ yóò rò pé ẹ̀tọ́ òun ni.

Ọ̀nà yìí kò bá gbogbo iṣẹ́ mu. Oníbàárà mìíràn wà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́, bí àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ àjọ rárá, tí kò ní ìwé tí ẹ lè wò. Ìbéèrè kò lè mú ohun tí kò sí jáde. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má dá iye kan fún gbogbo iṣẹ́. Ẹ ta ọjọ́ iṣẹ́ yín, ọjọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ohun tí ẹ ṣe hàn wọ́n, kí wọ́n san án, kí wọ́n tó pinnu márùn-ún mìíràn. Ẹni tí kò sì gbà láti dáhùn ìbéèrè rárá, tí ń sọ pé "ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀, a ó máa sọ ọ́ bí a ṣe ń lọ", tí kò sì gbà láti san lọ́jọ́ dé ọjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe é gbà.

Ó ku bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, nítorí pé iṣẹ́ tí kò ní òpin tí a kọ sílẹ̀ kì í parí. Fún ẹgbẹ́ yìí, èmi á kọ ọ́ pé: ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, akọ̀wé yóò kọ owó sínú ìwé àtijọ́ àti sínú ètò tuntun; bí àròpọ̀ méjèèjì bá bára mu ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ti parí, owó tó kù yóò sì di sísan láàárín ọjọ́ méje. Fún oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ètò náà bá ṣe tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ìwé, ẹ óò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó ń ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ó máa ṣe lọ́nà mìíràn, yóò gba irú ìránṣẹ́ tí mo kọ sókè yẹn, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ rẹ̀.